Ìparẹ́ ni tàbí Ìyàsọ́tọ̀? Yíǹkì Pupa Olùkọ́ lórí Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Orúkọ tí wọ́n bá fún iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ máa ń tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ gbá ilẹ̀, kò ní ṣa ohun tó wúlò nínú ìdọ̀tí kí ó tó gbá a. Bí wọ́n bá ní kí ó ṣa ẹ̀wà, kò ní da ẹ̀wà nù mọ́ òkúta. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè ronú dáadáa kí wọ́n tó gba “ìparẹ́ yíǹkì pupa” gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sójú ìwé tí olùkọ́ ti máàkì. Orúkọ náà rọrùn ó sì yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ti òṣìṣẹ́ sí àṣìṣe, àṣìṣe náà sì le fún èdè Yorùbá ju bí ó ti le fún èdè tí kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere, kí òǹkàwé fojú inú wo ojú ìwé iṣẹ́ ṣíṣe kan tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lè kọ ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó. Ìbéèrè wà lókè rẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì dúdú tẹ̀. Lábẹ́ ìbéèrè ni lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú wà, tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kí ọmọ lè tọ ipa rẹ̀. Ọmọ náà fi bírò búlúù kọ ọ́ pé “Baba mi gbe oko lo si oko.” Olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà la “oko” àkọ́kọ́ kọjá, ó fi àmì sábẹ́ lẹ́tà méjèèjì, ó sì fi àmì ohùn òkè sórí èyí tó gbẹ̀yìn, kí ó lè di “ọkọ́” tí bàbá fi ń ro oko. Nígbà tí ìwé padà sọ́wọ́ ọmọ, ó mú bírò búlúù rẹ̀, ó sì tún “ọkọ́” kọ lórí ìlà pupa náà gan-an. Ó tún fi búlúù tẹ àmì ìsàlẹ̀ kan tí olùkọ́ ti fi pupa ṣe.

Ènìyàn mẹ́ta ló wà lórí ojú ìwé yìí: ẹni tó tẹ ìwé, olùkọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, kí yíǹkì pupa tó dé àti lẹ́yìn tó ti dé. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ àmì ìsàlẹ̀ lò gbọ́dọ̀ lè sọ ọwọ́ tó ṣe àmì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ya ojú ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà ní dúdú àti funfun, pupa àti búlúù yóò di dúdú kan náà, wọn yóò sì fi gbogbo àmì olùkọ́ kún ìmọ̀ ọmọ. Bí wọ́n bá sì pa gbogbo pupa rẹ́, wọ́n lè pa ìtúnkọ ọmọ rẹ́ mọ́ ọn. Èyí àkọ́kọ́ bu iyì tí kì í ṣe ti ọmọ fún un. Èkejì gba iyì tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ìkejì ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹ̀rọ sikánà ń pín ojú ìwé sí ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 255: ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ pupa tó ta padà lára ìwé, ọ̀kan fún ti àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún ti búlúù. Kí òǹkàwé mú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí fún àpẹẹrẹ. Bébà tí a kò kọ nǹkan sí jẹ́ 245, 240, 230. Bírò búlúù jẹ́ 40, 50, 130. Bírò pupa jẹ́ 205, 45, 55. Níbi tí búlúù gbé gun pupa, yíǹkì méjèèjì ni yóò jẹ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ohun tó ṣẹ́kù kò ní ju bí 35, 10, 30 lọ.

Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó “pa pupa rẹ́” yóò ṣe òfin tó bá orúkọ náà mu: ibikíbi tí nọ́ńbà pupa bá ju méjì yòókù lọ, tí ó sì ṣókùnkùn ju bébà, kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di funfun. Bírò pupa yóò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi ìpàdé náà yóò bá a lọ pẹ̀lú, nítorí 35 ju 30 àti 10 lọ. Lẹ́tà ọmọ yóò wá já ní gbogbo ibi tí ìlà olùkọ́ ti la á kọjá, àmì ìsàlẹ̀ tí ó fi búlúù tẹ̀ sórí pupa yóò sì parẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá ka ohun tó kù yóò sọ pé ọmọ kò gbọ́ ìtọ́ni, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́.

Ọ̀nà tó dára jù wà, ó sì ti pẹ́. Àwọn ayàwòrán ti mọ̀ tipẹ́ pé bí wọ́n bá fi gíláàsì pupa bo ojú ẹ̀rọ, ohun pupa yóò ṣá títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bébà funfun, nítorí pé yíǹkì pupa ń ta ìmọ́lẹ̀ pupa padà bí bébà ti ń ta á. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn tó ń tẹ fọ́ọ̀mù ń lò nígbà tí wọ́n bá fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ àpótí tí ènìyàn yóò kọ̀wé sí, kí ẹ̀rọ tó ń ka fọ́ọ̀mù má baà rí àpótí náà. Nínú kọ̀ǹpútà, kò sí gíláàsì. Nọ́ńbà pupa nìkan ni wọn yóò wò, wọn yóò fi méjì yòókù sílẹ̀. Bébà jẹ́ 245, bírò pupa jẹ́ 205, búlúù jẹ́ 40, ibi ìpàdé jẹ́ 35. Bí wọ́n bá fi ààlà sí 100, ohun gbogbo tó wà lábẹ́ ààlà jẹ́ ti ọmọ, ibi ìpàdé sì wà nínú rẹ̀ láìjá. Fún iṣẹ́ olùkọ́, wọn yóò yọ nọ́ńbà àwọ̀ ewé kúrò nínú ti pupa: bírò pupa yóò fún wọn ní 160, bébà 5, ibi ìpàdé 25. Pupa gangan hàn kedere. Ibi ìpàdé tí pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni wọn yóò kà mọ́ ìlà olùkọ́ pẹ̀lú.

Níbí ni orúkọ “ìparẹ́” ti kùnà. Ibi ìpàdé ní olówó méjì. Ọ̀rọ̀ tó bá gbà pé ohun kan wà láti mú kúrò kò lè sọ èyí, ṣùgbọ́n “ìyàsọ́tọ̀” lè sọ ọ́, nítorí ẹni tó ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ní láti fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà yóò sì mú jáde ni kí wọ́n máa pè ní ìpele: ìpele akẹ́kọ̀ọ́, ìpele olùkọ́, ìpele ìtẹ̀wé. Píksẹ́lì kan lè wà nínú ìpele méjì láìsí ìjà, bí ilẹ̀ kan ṣe lè jẹ́ ojúde ilé méjì.

Ìpele ìtẹ̀wé ní ìṣòro tirẹ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú, tó tó 150 nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò bọ́ fúnra rẹ̀ nítorí ó ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n fi dúdú tẹ̀ kò ní bọ́. Àwọ̀ kò lè ya dúdú ìtẹ̀wé kúrò lára dúdú bírò. Ohun tó lè yà á ni ẹ̀dà ìwé náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Wọn yóò ya ẹ̀dà òfìfo sínú kọ̀ǹpútà, wọn yóò tò ó lé èyí tí ọmọ kọ títí lẹ́tà ìbéèrè yóò fi bára mu, ohun tó bá sì wà nínú méjèèjì jẹ́ ti ìtẹ̀wé. Ìwé tó ti ká ní igun kì í bára mu tán. Bí ó bá fi píksẹ́lì mẹ́ta yẹ̀ ní ìwọ̀n 300 sí íńṣì kan, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, etí lẹ́tà ìtẹ̀wé yóò ṣẹ́kù bí èérún, èérún náà yóò sì jọ àmì ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fẹ ìpele ìtẹ̀wé ní píksẹ́lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ìkọ̀wé ọmọ bá ti kan ibi tí wọ́n fẹ̀ yìí, ìpele méjèèjì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìdẹwò tó wá kàn ni láti gbá gbogbo èérún nù. Níbí ni Yorùbá ti máa ń pàdánù jù. Àmì ìsàlẹ̀ tí bírò tẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ mìlímítà, kò ju píksẹ́lì mẹ́fà ní ìbú lọ ní ìwọ̀n 300, gbogbo rẹ̀ kò sì ju bí píksẹ́lì 28 lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí kọ̀ǹpútà gbá ohun gbogbo tí kò tó 30 nù, ó ti gbá ẹ, ọ àti ṣ nù kúrò nínú èdè náà nìyẹn. Bí wọ́n bá tún fi àwòrán pamọ́ ní JPEG, ọ̀nà ìpamọ́ yìí sábà máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù sí ìdajì ní òró àti ní ìbú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ àmì kékeré yóò fi dà pọ̀ mọ́ ti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. PNG tàbí TIFF tí kò pàdánù nǹkan ló yẹ iṣẹ́ yìí.

Ìyàsọ́tọ̀ náà ní òpin rẹ̀. Bí ọmọ bá fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé, dúdú rẹ̀ lè sún mọ́ 150 lẹ́tà eérú, ààlà 100 yóò sì sọ ọ́ nù. Ẹ̀dà òfìfo nìkan ni wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé nígbà náà. Bí olùkọ́ bá fi búlúù máàkì, tàbí tí ọmọ bá fi pupa kọ àtúnṣe, àwọ̀ kò ní ohun tí yóò sọ mọ́. Ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn méjèèjì ni yóò dájọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà yọrí kò nílò ẹ̀rọ mìíràn. Kí ó to ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn: ohun tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ pé. Kí ó wo lẹ́tà ọmọ: bí wọ́n bá já ní ibi tó tò lórí ìlà kan ṣoṣo, ìlà olùkọ́ ló gé wọn. Kí ó mú ogún ojú ìwé, kí ó fojú ka àmì ìsàlẹ̀ inú wọn, kí ó fi wé iye tó wà nínú ìpele akẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, kí àwọn tó ń ṣe àkójọ èdè-ìperí fi “ìparẹ́” sílẹ̀ fún iṣẹ́ rọ́bà ìpàwérẹ́ tí ọmọ ń lò. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni ìyàsọ́tọ̀, ohun tó ń mú jáde ni ìpele, ibi tí ọwọ́ méjì bá sì ti pàdé, kí wọ́n máa pè é ní ibi ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni má sì fún ẹyọ ọwọ́ kan ṣoṣo. Atúmọ̀ èdè tó bá kọ ọ́ báyìí sínú ìwé ìtọ́ni ti dáàbò bo àmì búlúù kékeré tí ọmọ Olúpọ̀nnà tẹ̀ sórí pupa olùkọ́ rẹ̀.