Èsì Tí WAEC Dá Dúró: Ìwádìí Tọ́, Àmọ́ Ó Yẹ Kó Ní Gbèdéke

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ WAEC kéde èsì ìdánwò àwọn ọmọ tó ń jáde ilé-ìwé girama ní Nàìjíríà. Nínú 1,969,313 ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò náà, èsì àwọn 192,089 kò jáde. Àjọ náà ní ẹ̀sùn màgòmágó wà nílẹ̀, ìwádìí sì ń lọ lọ́wọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀, ọdún yẹn sàn ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2022, èsì 365,564 ọmọ ni wọ́n dá dúró. Ní 2023, ó dín sí 262,803. Ní 2024, ó di 215,267. Iye náà ń wálẹ̀, àmọ́ gbólóhùn tí àjọ náà ń sọ lọ́dọọdún kò yí padà: ìgbìmọ̀ yóò gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò bí àkókò bá tó, wọn yóò sì fi ìpinnu rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ nípasẹ̀ ilé-ìwé wọn.

Bí àkókò bá tó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kò sí olóye tó lè ní kí WAEC má ṣe ìwádìí. Ohun tí kò bójú mu ni kí wọ́n ní kí ọmọ dúró láì sọ ọjọ́ tí dídúró náà yóò parí.

Ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èsì tí kò jáde ló ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan máa ń san owó ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba. Bí ìpínlẹ̀ bá jẹ WAEC ní gbèsè, àwọn ọmọ yẹn kò ní rí èsì wọn gbà títí ìjọba yóò fi san owó náà. Àṣìṣe tún wà: ọmọ lè kọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ ṣì, ilé-ìwé sì lè má fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe yẹ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ títí. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá tètè gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì WAEC ìpínlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè yanjú láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀sùn màgòmágó ló ń gba oṣù gbọọrọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà ń gbà dé tábìlì àjọ náà. Alábòójútó ìdánwò tàbí àwọn òṣìṣẹ́ tí WAEC rán yí ká ibùdó lè ká ọmọ mọ́bi tó ti ń lo fóònù tàbí ìwé tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìjábọ̀. Àwọn tó ń máàkì lè rí i pé ogún ìwé láti ibùdó kan náà gbé àròkọ kan náà kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n yọ wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà tó ń fi ìdáhùn àwọn ọmọ wé ara wọn, òun sì ni ọ̀pọ̀ òbí kò lóye, tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ àwọn kò wo ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ká a mọ́.

Ká mú kẹ́mísírì. Ìbéèrè 50 ló wà nínú ìwé tí ọmọ ti ń yan ìdáhùn láàárín A, B, C àti D. Bí ọmọ méjì bá jọ gba 40 nínú rẹ̀, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn; àwọn méjèèjì lè ti kàwé. Àwọn mẹ́wàá tí wọ́n jọ kùnà ni ojú ń lọ. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí kálukú bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan, tí kò sí èyí tó fa ojú mọ́ra ju èkejì lọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ṣe kòńgẹ́ lórí ìdáhùn kan náà tí kò tọ̀nà. Pé kí wọ́n ṣe kòńgẹ́ lórí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 59,049 ni. Bí kì í bá wá ṣe ọmọ méjì, tó jẹ́ ọgbọ̀n ọmọ nínú gbọ̀ngàn kan ló jọ ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́sẹẹsẹ, ẹnì kan ló kọ ìdáhùn sójú pátákó tàbí kà á sí wọn létí. Àwọn tí wọ́n fowó ra ibùdó tí wọ́n ń pè ní ibùdó iṣẹ́ ìyanu kì í rántí pé àṣìṣe olùkọ́ tó ń pe ìdáhùn fún wọn yóò wà nínú ìwé gbogbo wọn.

Àmọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà lè sọ ní òpin. Ó lè sọ pé ìwé méjì jọra. Kò lè sọ ẹni tó wo ìwé ẹni. Ọmọ tó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń yọjú wo tirẹ̀, wọ ẹ̀sùn kan náà pẹ̀lú olè rẹ̀. Ìbéèrè mìíràn sì wà tó ní ìdáhùn ẹ̀tàn tó máa ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá bí olùkọ́ wọn bá ti kọ́ wọn ní àkọ́ṣì. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi ìjọra nìkan dájọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan wo bí wọ́n ṣe jókòó nínú gbọ̀ngàn, kó fi ìwé àlàyé ọmọ náà wé èyí tó ti yan ìdáhùn, kó ka ìjábọ̀ alábòójútó, kó sì gbọ́ tẹnu ọmọ náà. Àwọn baba wa kò pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá ní orúkọ méjì: àgbà òṣìkà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ẹ̀rọ kì í ṣìnà, kí ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún 2025 yẹn kan náà. WAEC ti pààrọ̀ ètò ìbéèrè láàárín àwọn ọmọ nínú iṣẹ́ mẹ́rin, títí kan Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n má baà lè wo ara wọn. Ọgbọ́n tó dára ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n máàkì ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí kò bá ìwé àwọn ọmọ kan mu ni wọ́n fi máàkì rẹ̀. Èsì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde sọ pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Àjọ náà tọrọ àforíjì, ó sì ṣàtúnṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó yẹ kí a yìn wọ́n fún èyí. Ó sì fi hàn pé nígbà tí WAEC bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan kò ṣeé fi falẹ̀, ó lè yára.

Kí ló wá ń fa ìdádúró ti màgòmágó? Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdánwò nínú WAEC ló ní àṣẹ láti fagi lé èsì, láti ní kí ọmọ má ṣe ìdánwò fún ọdún mélòó kan, tàbí láti yọ orúkọ ilé-ìwé kúrò nínú àwọn ibùdó. Ìgbìmọ̀ náà kì í jókòó lójoojúmọ́. Ìjábọ̀ ní láti ti gbogbo ìpínlẹ̀ wá, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n wádìí rẹ̀, kí wọ́n tó kó o síwájú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn ìpinnu, wọ́n á tún wá fi sínú àkọsílẹ̀ kí ọmọ tó lè rí i. Ọmọ tí èsì rẹ̀ há lóṣù kẹjọ sábà máa ń dúró fún oṣù mélòó kan, àwọn mìíràn sì ń bá a wọ ọdún tuntun.

Fásítì kì í dúró dè é. Ní ìpàdé àwọn tó ń gbani sílé ẹ̀kọ́ gíga ní ọdún 2025, wọ́n fi ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ṣe gbèdéke fún fásítì ìjọba. Láti ọjọ́ tí WAEC kéde èsì dé ọjọ́ yẹn kò pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó gba máàkì tó pọ̀ nínú ìdánwò JAMB, tí kò sì ní èsì WAEC tó máa fi sórí ètò ìgbanisílé, kò lè wọlé. Bí ìgbìmọ̀ bá wá dá a láre lóṣù kejìlá, àre náà kò lè dá ọdún tó ti lọ padà. Olè àti aláìṣẹ̀ ti jọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan ṣáájú ìdájọ́.

Àwọn kan yóò ní ìwádìí tó yá kì í jinlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo JAMB. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìdánwò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ 6,458 tó jẹ mọ́ jìbìtì orí ẹ̀rọ wà nílẹ̀, àmọ́ oṣù kẹjọ ni àjọ náà tó gbé ìgbìmọ̀ tí Jake Epelle ṣe alága rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ jíṣẹ́: 4,251 nínú ẹjọ́ náà jẹ́ pípa ìka ènìyàn méjì pọ̀ fún orúkọ kan, kí ẹlòmíràn lè wá ṣe ìdánwò fún olórúkọ, 1,878 sì jẹ́ ti àwọn tó parọ́ pé àfín ni àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Oṣù mẹ́ta ó lé tó ṣáájú rẹ̀ ló jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà kò tíì sí rárá. Òótọ́ ni pé ẹjọ́ WAEC pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì, kò sì sí ẹni tó lè ní kí ó parí gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a lè dá lẹ́jọ́ ibùdó sí ibùdó, kì í ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìjábọ̀ alábòójútó bá wọlé, kí èsì tó jáde rárá.

Kí WAEC kọ̀wé sí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀sùn bá kàn, kó sọ iṣẹ́ tó jẹ́, ọjọ́ ìdánwò náà àti ohun tí wọ́n fi kàn án, kó sì fún un ní ọjọ́ tó máa fi fèsì. Kí ìgbìmọ̀ jókòó kí oṣù kẹwàá tó parí, kó sì fi àwọn tí wọ́n dá èsì gbogbo iṣẹ́ wọn dúró ṣáájú. Kí JAMB náà tọ́jú àyè fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, kó má baà jẹ́ pé ìjáfara ọ́fíìsì ló máa dá a padà sílé. Ní ti òbí, kí ó mú nọ́ńbà ìdánwò ọmọ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n jọ kọ̀wé sí WAEC, kí ó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun mọ ènìyàn nínú WAEC tó lè já èsì sílẹ̀ ní kọ́bọ̀, torí ìgbìmọ̀ nìkan ló lè já èsì tí ẹ̀sùn dá dúró sílẹ̀.