Ẹ Wò Ó Lára Kí Ẹ Tó Gé E

Bí àlùmọ́gàjí bá ti la ankara kọjá, ọ̀rọ̀ ti bọ́. Oníṣọ́ọ̀bù kò ní gbà á padà, aránṣọ kò lè sọ ọ́ di odindi mọ́, ẹni tó ni ín á sì máa wọ̀ ọ́ nítorí owó tó ná sí i. Ẹni tó bá kúrò ní Ìkpinlẹ̀, tó gba Ṣakẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́, tàbí tó lọ títí dé Dàntọ́kpá ní Kútọnu láti ra yáàdì mẹ́fà, kò ní tìtorí àwọ̀ nìkan padà lọ. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aṣọ lọ bá wọn: ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé àwọ̀ náà sára ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú àwòrán fóònù, kí a tó ra aṣọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí a tó gé e.

Ohun tó mú kí èyí wúlò fún ankara ju aṣọ mìíràn lọ ni pé bátànì kan kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ Vlisco tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helmond ní Netherlands lọ́dún 1846, àti àwọn tó tẹ̀lé e, a máa tẹ bátànì kan náà ní oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn ìyá olówó aṣọ ní Lomé, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, mọ èyí dáadáa: nígbà ayé òwò wọn, àwọn ló máa ń sọ fún àwọn Òyìnbó àwọ̀ tí yóò tà níhìn-ín àti èyí tí kò ní tà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ràn bátànì kan, ẹ béèrè àwọ̀ tó kù kí ẹ tó sanwó.

Ká ní ìyá kan ní Ìkpinlẹ̀ fẹ́ mú aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí bátànì olóbìírípo ńlá ní àwọ̀ mẹ́ta: búlúù, àwọ̀ ewé, àti pupa bí obì. Búlúù ló wù ú. Aránṣọ rẹ̀ ní, “Ìyáa mi, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ bá mi ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní fọ́tò, kí ẹ sì wọ búbá funfun yín wá.”

Èéṣe tó fi jẹ́ funfun? Nínú áàpù bíi ibisPaint X, a máa ń tẹ́ fọ́tò aṣọ lé orí fọ́tò ènìyàn bí ẹni tẹ́ ẹní lé ẹní, a ó sì yan `Multiply` fún èyí tó wà lókè. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ibi tó bá funfun nísàlẹ̀ á jẹ́ kí ankara hàn bó ṣe rí gan-an, ibi tí búbá bá ká kò tí òjìji wà á mú un ṣókùnkùn díẹ̀. Aṣọ náà á wá dà bí ohun tí ènìyàn wọ̀, kò ní rí bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ àyà. Ṣùgbọ́n bí búbá ìsàlẹ̀ bá jẹ́ òféèfèé, búlúù tí ẹ tẹ́ lé e lè ṣókùnkùn tàbí kó yí sí àwọ̀ ewé, ẹ ó sì kọ ohun tí kò ṣẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìka nu gbogbo ankara tó bá yọ sí ojú, ọwọ́ àti ògiri kúrò.

Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín náà lè dá ìṣòro sílẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sí gbangba oòrùn lórí erùpẹ̀ pupa, ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ilẹ̀ á fi pupa kun etí búbá funfun. Bó bá sì dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, ewé á fi àwọ̀ tirẹ̀ kún un. Ẹnu ọ̀nà ilé ló dára jù, níbi tí oòrùn kò ti tàn bá ènìyàn tààrà, kí ẹní sì wà lórí ilẹ̀. Ẹ pa `Beauty` inú kámẹ́rà, nítorí ojú tí fóònù bó di pupa kọ́ ni yóò wọ aṣọ náà lọ síbi ìgbéyàwó. Kí ẹ tó gba fọ́tò náà wọlé, ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bá ti ojúkojú mu, bóyá ìṣẹ́po búbá sì ṣì hàn. Bí búbá bá funfun báláú tí ìṣẹ́po kan kò hàn, ẹ tún un yà.

Fọ́tò ankara fúnra rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ní ibòòji, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì fi ìwé funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ pupa bá kún ojú kámẹ́rà láìsí funfun kankan, fóònù lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló pupa, á sì dín pupa náà kù. Bí ìwé bá jáde ní funfun, ẹ lè fọkàn tán àwọ̀ aṣọ. Bó bá jáde ní òféèfèé tàbí búlúù, fọ́tò yẹn kò wúlò. Ẹ má sì fi áàpù yí àwọ̀ ankara padà sí èyí tó wù yín, nítorí ẹ lè rẹwà nínú àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ kankan kò tẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni títóbi bátànì. Ìbú ankara, láti etí dé etí, tó ínǹṣì 46. Bí èjìká ìyá yìí bá jẹ́ ínǹṣì 16, ìbú aṣọ nínú àwòrán gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èjìká rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí etí méjèèjì hàn nínú fọ́tò aṣọ. Obìírípo tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 á gba mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin èjìká rẹ̀. Bí a bá ṣe é báyìí, ìyá á rí i pé ìlà funfun tó yí obìírípo búlúù ká ń pe ojú sí àyà, kò sì jẹ́ kí a rí ojú rẹ̀ mọ́. Àwọ̀ ewé àti pupa bí obì ló kù. Bí ó ti jẹ́ aṣọ ẹbí, aránṣọ á tún fi méjèèjì wò lára ọmọ ìyá rẹ̀ tó pupa àti lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúdú ju gbogbo wọn lọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwòrán parí. Fóònù kò lè sọ bóyá aṣọ le gbagidi tàbí ó rọ̀, bóyá aró rẹ̀ á ṣí nínú omi, tàbí bóyá á sún kì. Fóònù méjì pàápàá kì í fi àwọ̀ kan hàn bákan náà, pàápàá bí `Night Light` bá wà ní títàn. Nítorí náà, ẹ tọrọ èékù méjèèjì lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé wọn lé èjìká ìyá náà ní ojú ọjọ́, kí ẹ sì ta omi sí wọn. Èyí tó bá bá àwòrán mu tí kò sì ṣí ni kí ẹ rà.

Ẹ ra ti gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ẹrù kan náà, nítorí aró òní àti aró oṣù tó ń bọ̀ lè má dọ́gba. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya oníbàárà, ẹ sì pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ tó bá wá gbé aṣọ. Èékù aṣọ tí ẹ yàn nìkan ni kí ẹ fi abẹ́rẹ́ mọ́ ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Bí ẹrù aṣọ bá dé láti Kútọnu, ẹ gbé èékù náà lé e. Bí àwọ̀ wọn bá jọra, ẹ mú àlùmọ́gàjí.