Ibi tí “Mi ò mọ̀” ti wúlò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ má yọ “Mi ò mọ̀” kúrò nínú ìbéèrè tó bá jẹ mọ́ òfin tàbí ètò ìjọba. Nínú ìwádìí tí George Bishop àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1980, wọ́n bi àwọn ará Amẹ́ríkà nípa òfin kan tí kò sí rárá. Nígbà tí wọn ò fi “Mi ò mọ̀” lọ̀ wọ́n, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló sọ èrò wọn lórí òfin ọ̀hún!

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn omi họ́sítẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ mọ̀ bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kó mú ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ìta ńkọ́? “Kò kàn mí” lè dà bí ìbínú lójú ẹlòmíì. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń gbé, kó lè fo ìbéèrè omi.