Owó-orí, Àwòrán Ìkìlọ̀ àti Páálí Aláìlọ́ṣọ̀ọ́: Èwo Ló Ń Dín Sìgá Mímu Kù?

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni gbogbo páálí sìgá ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà bọ́ ẹ̀wù ọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Àwọ̀ ẹrẹ̀ kan náà ló bo gbogbo wọn. Àwòrán ìkìlọ̀, irú bí ẹsẹ̀ tó ti jẹrà, tó ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iwájú páálí tẹ́lẹ̀, wá ń gba ìdá 75.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Ní ìpínlẹ̀ tí ìlú Sídínì wà, iye ìpè tí àwọn amusìgá ń pe fóònù ìrànlọ́wọ́ láti jáwọ́ fò láti 363 sí 651 lọ́sẹ̀, láàárín oṣù kan. Àyẹ̀wò tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé láàárín oṣù 34, ìwọ̀n àwọn tó ń mu sìgá já wálẹ̀ láti ìdá 19.4 nínú ọgọ́rùn-ún sí 17.2. Nínú ìdínkù 2.2 yìí, 0.55 péré, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, ni wọ́n kà sí iṣẹ́ páálí tuntun. Ọjọ́ kan náà sì ni àwòrán ńlá àti páálí aláìlọ́ṣọ̀ọ́ dé. Kò rọrùn láti mọ iṣẹ́ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Owó-orí ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Bí owó sìgá bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí, sìgá tí wọ́n ń mu máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 4 ní ilẹ̀ olówó, àti ìdá 5 ní ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. Ọsirélíà fi ìdá 25 kún owó-orí náà ní ọdún 2010, ó sì ń fi ìdá 12.5 kún un lọ́dọọdún láti 2013 títí di 2020. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Nígbà tí páálí kan kọjá ogójì dọ́là, fàyàwọ́ gbilẹ̀, àwọn ọ̀daràn sì ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù ara wọn.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún Nàìjíríà. Òfin ọdún 2015 ti ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rà lójú pópó. Ẹni tó ra ẹyọ kan kò mú páálí dání; àwòrán tó burú jù lọ lè máà dé ojú rẹ̀. Owó-orí nìkan ni kò lè sá fún, nítorí láti 2018 ni ìjọba ti ń gbà á lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, náírà kan ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìjọba tó bá tẹ àwòrán láìfòpin sí títa lẹ́yọlẹ́yọ ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò ní rí i gbà. Kí owó-orí ṣáájú, kí aṣọ́bodè dí ojú ọ̀nà fàyàwọ́, kí páálí wá tẹ̀ lé e. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.