Ẹ fi Google sílẹ̀, àwa la ṣe é fúnra wa

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ní Sátidé, nínú bọ́ọ̀sì 436 láti Lewisham lọ sí Peckham, bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ ìlú wa ń pariwo pé orúkọ Yorùbá ni Google ń wò tó fi ń da ímeèlì ìpàdé wa sínú Spam. Akọ̀wé wa ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, ṣebí ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì wa ti gbowó "fi SPF sí i". Àwọn méjèèjì ò tọ̀nà o.

Mo ní kí bọ̀ọ̀dá ṣí ímeèlì náà nínú Gmail, kí wọ́n tẹ Show original. Ohun tá a rí nìyí (mo ti pààrọ̀ orúkọ):

```
spf=pass smtp.mailfrom=olufiranse.example
dkim=pass header.i=@olufiranse.example
dmarc=fail (p=NONE) header.from=egbewa.example
```

SPF ń sọ àwọn ẹ̀rọ tó láṣẹ láti fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dóméènì kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń rí ní From ló ń yẹ̀ wò. Àdírẹ́sì ẹ̀yìn ni, ibi tí ímeèlì tí kò rọ́nà lọ máa ń padà sí, ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi í ránṣẹ́ ló sì ni ìyẹn. DKIM, tí í ṣe èdìdì tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà lọ́nà, tiwọn náà ni. Wọ́n yege lórúkọ ara wọn. DMARC wá béèrè pé: ẹni tó yege yìí, ṣé òun ló wà ní From? Rárá. SPF tá a sanwó fún, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ kà á!

Mo gba àkọsílẹ̀ CNAME méjì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, mo fi wọ́n sínú DNS wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ wa lu èdìdì. `dmarc=pass` dé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀fẹ́ ni.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń rí i nínú Spam. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba físà rí mọ̀ ọ́n: páásípọ́ọ̀tù ń sọ ẹni tó o jẹ́, kò ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Gbájúẹ̀ tó bá ra dóméènì lónìí lè fi SPF, DKIM àti DMARC sí i kílẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí Google fi ń wo ohun táwọn tó gba ímeèlì ń ṣe sí i. Láti February 2024, wọ́n ní ẹ̀sùn spam ò gbọdọ̀ tó 0.3%. Ká ní ímeèlì 200 ló wọ Inbox, tí ẹnì kan ṣoṣo tẹ Report spam, 0.5% nìyẹn jàre.

Kí ló wà nínú ìwé orúkọ wa? Àdírẹ́sì tó ti kú, àwọn tó ti kó lọ sí Kánádà, àwọn tó kọ orúkọ níbi ìsọmọlórúkọ kan torí ìrẹsì. A ò fi ibi tí wọ́n á ti tẹ "ẹ yọ mí" sí i. Kí ni wọ́n fẹ́ tẹ̀?

Akọ̀wé ní ìwà àrífín ni kéèyàn yọ orúkọ àgbà. Ó dáa. Ẹ̀yin àgbà tí ímeèlì wa ti sú, ẹ kọ "yọ mí" sísàlẹ̀ ibí, èmi á yọ yín lálẹ́ òní.