Ẹ Yé Bi Ayálégbé Bóyá Ilé Tẹ́ Ẹ Lọ́rùn

Ìbéèrè tó máa ń wà lókè fọ́ọ̀mù tí àwọn alábòójútó ẹ́sítéètì ń pín fún ayálégbé, láti Mowe dé Ibafo, ni pé, "Ṣé ilé yín tẹ́ yín lọ́rùn?" Láìfepo-bọyọ̀, ìbéèrè yẹn ò wúlò. Kiatéékà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí fọ́ọ̀mù, nọ́ńbà ilé wà lórí ẹ̀, òun náà ló sì máa mú ìwé àfikún owó ilé wá. Ta ló máa kọ "rárá"?

Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n tún ń pín in. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti jáde ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òru ló ń wọlé. Ẹ gbé e sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà ilé kúrò, kí ẹ fi orúkọ òpópónà nìkan sílẹ̀, kí àwọn ayálégbé fúnra wọn sì yan ẹni méjì tí yóò máa gbà á sínú àpótí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba ti sọ irú ìwádìí yìí di dandan fún àwọn tó ń fi ilé ìjọba àti ilé mẹ̀kúnnù háyà. Àwọn náà ń bèèrè ìtẹ́lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n bá ẹ tún nǹkan ṣe láàárín oṣù 12 tó kọjá. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni wọ́n ń bi nípa àtúnṣe náà àti bí ó ṣe pẹ́ tó. Onílé sì gbọ́dọ̀ gbé èsì síta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ká máa bèèrè: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni omi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ yín?"

Ká ní ilé 40 ni, 30 sì dáhùn. Ilé 16 tó wà nítòsí táńkì ní ọjọ́ 6, ilé 14 tó wà ní ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ 1. Bí alábòójútó bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, tó sì pín in, á rí ọjọ́ mẹ́ta àti díẹ̀, á ní omi ń yọ ju ìlàjì ọ̀sẹ̀ lọ. Irọ́ ni! Kò sí ilé kankan tó ń rí ọjọ́ mẹ́ta. Òpópónà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ka ìdáhùn, kí ẹ sì wo ibi tí àwọn 10 tí ò dáhùn ń gbé.

Ẹ má tíì dá owó pọ́ǹpù tuntun o. Ẹ ti omi pa fún àwọn ilé ìtòsí táńkì fún àárọ̀ kan, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ tó kángun sí ìsàlẹ̀. Bí omi bá tú jáde dáadáa, pínpín ló ṣòro: ẹ fún ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ tiwọn. Bó bá ṣì ń ro tó-tó-tó, páìpù ló ń jò, tàbí ó dí, tàbí ó tín-ín-rín jù. Ẹ lẹ èsì, orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí mọ́ géètì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún bèèrè ìbéèrè kan náà, kí ẹ wò ó bóyá ọjọ́ 1 yẹn ti kúrò ní 1, àti bóyá ti àwọn tòkè kò ti já wálẹ̀ jù.