Ẹ Má Fi Àjẹkù Mọ́tà Rọ Ihò Búlọ́ọ̀kù Tó Ní Irin

Lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ̀ka wa rán wa lọ, mo wà níbi iṣẹ́ kan nílùú Ìbàdàn tí wọ́n ti ń mọ fẹ́ńsì sí ẹsẹ̀ òkè. Búlọ́ọ̀kù oníhò, oníínṣì mẹ́sàn-án, ni wọ́n lò. Irin mìlímítà 12 ti inú ìpìlẹ̀ jáde, ó gba inú ihò búlọ́ọ̀kù lọ sókè, sẹ̀ńtímítà 80 sì ni irin kan sí èkejì. Lójú, iṣẹ́ náà dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, púlọ́ńbà wá dá ògiri náà lu kó lè gbé páìpù kọjá. Bó ṣe fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù, a rí irin tó dúró ní ìhòòhò, tí ìpẹtà ti bò. Ọwọ́ mi wọ inú ihò náà dé ìgúnpá. Lókè ibẹ̀, mọ́tà gbígbẹ kan há sáàárín irin àti búlọ́ọ̀kù bí òkèlè tó há sí ọ̀nà ọ̀fun.

Kò sẹ́ni tó jí sìmẹ́ńtì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Mọ́tà tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá to búlọ́ọ̀kù tán nírọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó sínú ihò. Nígbà tí mo bi bàbá tó jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà bóyá kí a fi omi kún un, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì pé omi ní í ba kọnkéré jẹ́ ni?” Wọ́n kọ́ wa lóòótọ́, mo sì dákẹ́. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò yẹ kí n dákẹ́. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ nípa òpó àti dẹ́kìn kọ́ ni ó yẹ kí a gbé wá sínú ihò búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Pátákó tàbí irin la fi ń ká kọnkéré òpó mọ́, wọn kì í sì í fa omi púpọ̀. Omi tí a bá bù sí i, inú rẹ̀ ni yóò wà. Ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ búlọ́ọ̀kù. Bí ohun tí a rọ bá ṣe ń kan ara ihò ni búlọ́ọ̀kù ń mu omi rẹ̀. Bí ó bá ti le tẹ́lẹ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ara ihò kó tó délẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e yóò jókòó lé e lórí, ìsàlẹ̀ yóò sì ṣófo. Bí ó bá ṣàn dáadáa, yóò kọ́kọ́ délẹ̀, yóò yí irin ká, lẹ́yìn náà ni búlọ́ọ̀kù yóò wá mu omi tó pọ̀ jù. Omi tó kù fún sìmẹ́ńtì yóò dín kù, agbára rẹ̀ yóò sì gòkè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ohun tó yẹ ká rọ síbẹ̀ ní gíráòtù, tí a kò pè é ní mọ́tà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìlànà kan fún un, ASTM C476. Ó ní bí a bá kún kóònù onírin tí a ń lò ní láàbù, tó ga ní mìlímítà 300, tí a sì fà á sókè, kí gíráòtù náà wó lulẹ̀ ní mìlímítà 200 sí 280. Ìyẹn ni pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Fún ihò búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án, sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 3 àti òkúta wẹ́wẹ́ 2 bọ́ sínú ìwọ̀n tí ìlànà náà gbà. Kí òkúta náà kéré, kó má bàa há sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Omi nìkan kò tó o. Mọ́tà tó yọ jáde láàárín búlọ́ọ̀kù méjì sínú ihò gbọ́dọ̀ kúrò nígbà tó ṣì tutù, nítorí òun ni gíráòtù yóò há sí. Bí ògiri bá ga ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ kí a tó rọ ọ́, ẹ dá ojú ihò sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri níbi tí irin kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ lè kó ìdọ̀tí jáde kí ẹ sì rí irin, kí ẹ tó dí i. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n, ẹ rọ ọ́ ní sẹ̀ńtímítà 30 sẹ̀ńtímítà 30, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá gún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ ti rẹlẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù ti mu omi. Ẹ tún un gún kó tó le, nítorí àyè tí omi náà fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ihò kún láìfọ́ ògiri? Ẹ ka bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi fẹ́ńsì tí mo sọ ṣe àpẹẹrẹ. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 150 ní gígùn àti 125 ní fífẹ̀, ògiri sì ga ní mítà 2:

0.150 × 0.125 × 2 = 0.0375 m³

Lítà 37.5 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20 méjì. Irin inú rẹ̀ kò gbà tó ìdajì lítà. Bí ihò bá “kún” lẹ́yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ní bírò àti ìwé lè mú àṣìṣe yìí kí gíráòtù tó gan.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní owó ni ìṣòro. Ní ògiri onímítà 10, ihò tó ní irin jẹ́ bíi 13. Àpò sìmẹ́ńtì kan tí a pò bí mo ṣe wí yóò kún ihò mẹ́ta ó lé díẹ̀, nítorí náà bíi àpò mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Ihò tí kò ní irin lè ṣófo bó ṣe wà, bí kò bá sí nínú àwòrán iṣẹ́ pé kí a dí i. Ẹni tó ti ra irin, tí kò wá ra àpò mẹ́rin tí yóò mú irin náà ṣiṣẹ́, ló fi owó ṣòfò. Ilẹ̀ tó ń ti ògiri kò mọ̀ pé irin wà nínú ihò, àfi tí gíráòtù bá so irin náà mọ́ búlọ́ọ̀kù.

Mo gbà pé gíráòtù kì í ṣe oògùn fún búlọ́ọ̀kù tí a lè fọwọ́ rún. Mo sì gbà pé bí ẹ bá rọ gíráòtù olómi yìí sínú kúùbù onírin ní láàbù, èsì rẹ̀ lè já yín kulẹ̀, nítorí irin kì í mu omi. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni kí ẹ tò yí àyè kékeré kan ká, kí ẹ tẹ́ bébà tó ń fa omi sí i nínú, kí ẹ wá rọ ọ́ síbẹ̀. Èyí ni yóò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ògiri.

Èmi àti bàbá ọ̀gá bíríkìlà jọ dúró níwájú ihò tó ṣófo yẹn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Kò délẹ̀.” Bí mo bá ti lè ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìdí tí omi fi yẹ ní ibí yìí, mo gbà pé wọn ìbá ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ní sáà tó ń bọ̀, ẹ má dákẹ́ bíi tèmi.